Máìkì àti kámẹ́rà níbi ìpàdé àárọ̀: bí ẹ ṣe máa kọ òfin tí gbogbo yín fọwọ́ sí

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́sàn-án la jọ ń ṣe ètò ẹ̀kọ́ Yorùbá fún àwọn ọmọdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èmi sì ni olórí ẹgbẹ́. Márùn-ún nínú wa wà ní Ìbàdàn, mẹ́ta wà ní Èkó, ẹnì kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ la máa ń pàdé lórí Zoom lárààárọ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti ọmọ kì í jẹ́ ká gbọ́ra wa. Àwọn kan kì í tan kámẹ́rà rárá, àwọn tó ń tan án sì ń kùn. Ẹni tó dàgbà jù nínú wa fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù mí lọ, máìkì tirẹ̀ ló sì máa ń ṣí sílẹ̀ jù. Mo fẹ́ kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí yóò fi òfin lélẹ̀. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?*

Ẹ má fi máìkì àti kámẹ́rà sábẹ́ òfin kan náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ báyìí ti ń ṣìnà. Ẹni tó fi máìkì sílẹ̀ ní ṣíṣí kì í jẹ ìyà kankan, àwọn mẹ́jọ yòókù ló ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó tan kámẹ́rà ló ń san owó rẹ̀ fúnra rẹ̀: dátà rẹ̀ ló ń lọ, bátìrì rẹ̀ ló ń kú, yàrá rẹ̀ ni gbogbo ayé ń wò. Nítorí náà, òfin máìkì lè le, kó sì mú gbogbo yín, ẹ̀yin olórí pàápàá. Òfin kámẹ́rà ní láti kéré, kó sì ní ilẹ̀kùn tí ẹni tí kò rọgbọ fún lè gbà jáde láìjẹ́ pé ó ń ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti máìkì. Oríṣi ariwo mẹ́ta ló wà, oògùn wọn ò sì dọ́gba. Èkíní ni ariwo tó ń lọ láìdúró, bíi jẹnẹrétọ̀, fáànù, tàbí òjò lórí páànù. Zoom ní ohun tó ń sẹ́ irú ariwo yẹn kúrò, ó sì máa ń rọrùn fún un torí ohùn kan náà ni jẹnẹrétọ̀ ń pa látìgbà tí wọ́n ti tan án. Èkejì ni ohùn èèyàn: ọmọ tó ń sunkún, rédíò tó ń ka ìròyìn, ẹni tó ń polówó ẹ̀kọ gbígbóná lójúde. Ohùn èèyàn ni ẹ̀rọ náà ń wá láti gbé kọjá, nítorí náà lọ́pọ̀ ìgbà kì í mọ̀ pé aládùúgbò kò sí lára ìpàdé. Fún oríṣi yìí, pípa máìkì nìkan ló dájú. Irú ariwo yìí sì ń ṣe ju kó dí etí lọ. Bí ẹ bá ń lo ojú ìwòye tó ń gbé àwòrán ẹni tó ń sọ̀rọ̀ síwájú, ẹkún ọmọ yóò gba ojú ìwòye náà lọ́wọ́ ẹni tó ń jábọ̀ iṣẹ́, gbogbo yín á sì máa wo òbí ọmọ náà.

Ẹ̀kẹta ni gbohùngbohùn, tí èèyàn á máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ padà lẹ́yìn tó ti sọ̀rọ̀. Èyí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù, torí pé ẹni tó ń gbọ́ ọ ni wọ́n máa ń fi ẹ̀sùn kàn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tí kò gbọ́ ọ ló ń fà á. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ohùn yín ń jáde láti inú sípíkà rẹ̀, ó tún ń wọ inú máìkì rẹ̀ padà, ó sì ń bọ̀ wá bá yín. Bí gbogbo yín bá ń gbọ́ ohùn ara yín padà àfi ẹnì kan, ẹni náà nìyẹn. Kí alákòóso ìpàdé pa máìkì rẹ̀, kó tẹ́tí sí i. Bí ariwo náà bá dákẹ́, ẹ ti rí i. Íápíìsì ló ń wò ó sàn pátápátá. Bí kò bá sí íápíìsì, kó rẹ sípíkà rẹ̀ sílẹ̀ dé ìdajì, kó má sì ṣí máìkì àfi tó bá kàn án.

Bí méjì nínú àwọn ará Ìbàdàn yín bá ń jókòó sínú yàrá kan náà, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Pípa máìkì ẹnì kejì nìkan kò tó, torí sípíkà rẹ̀ ṣì ń sọ ohun tí ẹnì kìíní ń sọ, ó sì ń padà wọ máìkì ẹnì kìíní. Ariwo tó máa ń fẹ́ fọ́ni létí ló ń ti ibẹ̀ jáde. Ọ̀kan nínú wọn ní láti pa máìkì àti sípíkà pọ̀, kí wọ́n jọ máa lo ẹ̀rọ ẹnì kan, tàbí kí àwọn méjèèjì lo íápíìsì.

Òfin máìkì fúnra rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹ wọlé pẹ̀lú máìkì pípa, ẹ ṣí i nígbà tó bá kàn yín, ẹ pa á nígbà tí ẹ bá parí. Ẹ lè jẹ́ kí Zoom ṣe ìdajì àkọ́kọ́ fún gbogbo èèyàn. Ẹ wá `Mute participants upon entry` nínú ètò ìpàdé yín, kí ẹ tan án, kò ní sí ẹni tó máa wọlé pẹ̀lú ariwo mọ́. Ẹ rántí pé alákòóso lè pa máìkì ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò lè ṣí i fún un láìjẹ́ pé onítọ̀hún gbà. Ó lè bẹ̀ ẹ́ láti ṣí i, onítọ̀hún ló máa tẹ `Unmute` fúnra rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀, torí àwọn kan ń bẹ̀rù pé ọ̀gá lè máa gbọ́ ohun tó ń lọ nínú ilé wọn.

Fún àwọn tó ń lo kọ̀mpútà, ọ̀nà tó yá jù ni kí wọ́n fọwọ́ tẹ bọ́tìnì gígùn tí à ń fi sáyè sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, kí wọ́n má gbé ọwọ́ kúrò nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti gbé ọwọ́ kúrò, máìkì ti padà pa. Ó ní àléébù kan: Zoom ní láti jẹ́ ojú ìwé tó wà níwájú wọn. Bí ẹni náà bá ti tẹ ojú ìwé míì, bíi ibi tó ti ń kọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀, bọ́tìnì náà á kàn máa fi àlàfo sínú ìwé rẹ̀ ni, òun á rò pé òun ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ọ. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, `Alt+A` lórí Windows, tàbí `Command+Shift+A` lórí ẹ̀rọ Mac, ló ń pa á tó sì ń ṣí i, bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di `Global Shortcut` lábẹ́ `Keyboard Shortcuts` nínú ètò Zoom.

Àwọn tó ń lo fóònù ni ẹ ní láti fojú tó jù. Lórí fóònù, àwọn bọ́tìnì Zoom máa ń pòórá lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, àfi téèyàn bá tún fọwọ́ kan ojú fóònù. Ẹni tí kò mọ èyí kò ní bí ó ṣe máa mọ̀ bóyá máìkì òun ṣí tàbí ó pa. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tó ń dààmú ẹ̀gbọ́n yín gan-an nìyí, kì í ṣe pé kò bìkítà.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń da àwọn tó ní íápíìsì olówó ńlá láàmú: ibi méjì ni máìkì wọn ti ń pa. Íápíìsì ní bọ́tìnì tirẹ̀, Zoom ní tirẹ̀. Ẹni náà á ṣí Zoom, íápíìsì á ṣì wà ní pípa, á máa yánu lásán. Àmì rẹ̀ kò farasin. Bí máìkì inú Zoom bá ń gba ohùn, àwọ̀ ewé á máa lọ sókè sódò nínú àwòrán máìkì náà bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí kò bá sí ilà pupa lórí rẹ̀, tí àwọ̀ ewé kò sì mira, íápíìsì lẹ máa wò.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìkíni, ibí ni màá sì ti dúró díẹ̀, torí pé bí òfin máìkì yín bá gbàgbé ìkíni, Yorùbá ò ní pa á mọ́. Èèyàn mẹ́sàn-án wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní láti kí àwọn yòókù, ẹni kékeré ò sì gbọ́dọ̀ jókòó láìkí ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni máìkì mẹ́sàn-án ṣe ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ káàárọ̀ sà," "ẹ kú àárọ̀ mà," "ṣé ẹ sùn dáadáa," gbogbo rẹ̀ á ru pọ̀. Zoom kì í sì gbé ohùn púpọ̀ tó ń kọlu ara wọn dáadáa. Á gé ti àwọn kan kù sí ìdajì, tí ẹ̀gbọ́n á fi rò pé ẹnì kan kò kí òun. Tí ẹ bá wá kọ ọ́ pé "kí gbogbo èèyàn pa máìkì," òfin yín ti sọ fún àwọn tó kéré nínú yín pé kí wọ́n má kí àgbà. Wọn ò ní bá yín jiyàn. Wọ́n á kàn máa ṣí máìkì lọ.

Nítorí náà, ẹ fún ìkíni ní àyè tirẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, láti 9:30 sí 9:32, ẹ yọ ọ́ kúrò lábẹ́ òfin máìkì, ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ètò. Ẹnì kan ní kó ṣíde, kó kí gbogbo ilé, kí àwọn yòókù dáhùn níkọ̀ọ̀kan bó ṣe ń dárúkọ wọn. Ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn 9:32 á kọ ìkíni rẹ̀ sí ibi tí à ń kọ ọ̀rọ̀ sí nínú ìpàdé, kò ní ṣí máìkì. Ẹ kọ èyí sínú àtẹ̀jíṣẹ́ gbangba pé kíkọ ọ́ síbẹ̀ ti tó, kò sí ẹni tó máa kà á sí àìlẹ́kọ̀ọ́. Gbólóhùn yẹn ló máa jẹ́ kí àwọn tó kéré nínú yín lè pa òfin mọ́ láìbẹ̀rù. Àbá mi ni pé kí ẹ gbé ìṣíde náà fún ẹ̀gbọ́n yín àgbà. Ipò rẹ̀ ni, á sì jẹ́ kí máìkì rẹ̀ ṣí lákòókò tó yẹ kó ṣí. Lẹ́yìn tó bá ti parí, pípa á máa rọrùn, torí iṣẹ́ rẹ̀ ti ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àbọ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yin mẹ́sàn-án, ìṣẹ́jú àáyá 75 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 11 àti ìṣẹ́jú àáyá 15 ni. Ẹ fi ìṣẹ́jú méjì ìkíni kún un, ó ku díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú méjì lọ́wọ́ yín fún ìdákẹ́jẹ́ àti ìṣòro nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kí ó lè rí bẹ́ẹ̀, ètò ẹni tó kàn ní láti wà nílẹ̀ ṣáájú, kó má yí padà lójoojúmọ́. Kí ẹni tó ń parí sọ pé "ó tán lọ́wọ́ mi," kó dárúkọ ẹni tó kàn. Ẹni tó mọ̀ pé òun ló kàn á ti fi ọwọ́ sórí bọ́tìnì. Láìsí ètò, pípa máìkì á kàn dá ìṣòro tuntun sílẹ̀, tí gbogbo yín á máa dákẹ́ wo ara yín, tí ẹni méjì á sì ṣí máìkì pọ̀.

Kámẹ́rà wá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn yín. Ìpàdé oníkámẹ́rà tí àwòrán rẹ̀ mọ́ níwọ̀nba lè fa nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 1 wọlé, kó sì ta bíi 1 jáde, ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bíìtì mẹ́jọ ló ń di báìtì kan, nítorí náà, fún ìṣẹ́jú 15, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 225. Ọjọ́ iṣẹ́ 22 ló wà nínú oṣù, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígábáìtì 5 fún ìpàdé àárọ̀ nìkan. Ohùn lásán kì í ju kílóbíìtì 80 lọ sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan: mẹ́gábáìtì 18 fún ìpàdé kan, nǹkan bíi 400 fún oṣù kan. Ìyàtọ̀ náà ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ. Iye gan-an á máa lọ sókè sódò bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe rí, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kì í yẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ẹni tó pa kámẹ́rà ara rẹ̀ nìkan kò tíì bọ́. Ohun tó ń ta jáde ló dáwọ́ dúró, àwòrán àwọn mẹ́jọ yòókù ṣì ń wọlé sórí dátà rẹ̀. Nínú ìṣirò òkè yẹn, ìdajì péré ló rí fi pa mọ́. Lórí kọ̀mpútà, Zoom ní `Stop Incoming Video` tó ń dá àwòrán tó ń wọlé dúró. Lábẹ́ `View` tàbí `More` lẹ ti máa rí i, gẹ́gẹ́ bí Zoom tó wà lórí ẹ̀rọ náà bá ṣe jẹ́. Ìdí nìyí tí òfin "ẹni tó bá fẹ́ kó tan, ẹni tí kò bá fẹ́ kó pa" kò fi gba ẹni tí dátà rẹ̀ kéré là. Àfi kí òun náà dá àwòrán tó ń wọlé dúró, tàbí kí gbogbo yín jọ pa á pọ̀.

Dátà nìkan kọ́ ló wà ńbẹ̀. Kristen Shockley, onímọ̀ nípa ìhùwàsí èèyàn lẹ́nu iṣẹ́, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní 2021. Òṣìṣẹ́ 103 ni wọ́n lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin; àwọn kan tan kámẹ́rà fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, wọ́n wá pa á fún méjì tó kù, àwọn yòókù sì ṣe òdì kejì rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá tan kámẹ́rà ló ń rẹ̀ wọ́n jù, ẹni tó bá sì ti rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípàdé. Ó mú àwọn obìnrin àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́ jù. Ẹ wò ó dáadáa: ìdí tí àwọn ọ̀gá fi ń fẹ́ kámẹ́rà ni kí àwọn èèyàn lè kópa. Ìwádìí yìí fi hàn pé ó lè gbà wọ́n lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, mi ò ní kí ẹ pa á pátápátá. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò sì rí yín níbòmíràn. Ohun tí mo máa dábàá ni kámẹ́rà lọ́jọ́ Ajé, fún ìṣẹ́jú méjì ìkíni nìkan. Ìyẹn jẹ́ mẹ́gábáìtì 30 lọ́jọ́ náà, 120 fún ọjọ́ Ajé mẹ́rin. Bó bá ti di 9:32, gbogbo yín á jọ pa á. Ọjọ́ mẹ́rin yòókù, ohùn nìkan. Ẹni tí kò bá rọ̀ lọ́rùn ní ọjọ́ Ajé kò ní tan án, ẹnikẹ́ni ò sì ní bi í léèrè. Ẹ má kọ "bí ìdí bá wà." Bí ẹ bá ti béèrè ìdí, ẹ ti sọ fún ìyálọ́mọ kan pé kó wá ṣàlàyé yàrá rẹ̀ fún gbogbo ilé iṣẹ́.

Ẹ fi ibì kan sílẹ̀ fún òdì kejì rẹ̀. Bí ẹnì kan nínú yín bá jẹ́ pé ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ń wò kó tó mọ ohun tó sọ, torí pé etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa, àfi kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tan kámẹ́rà. Ẹ kọ ọ́ pé kó bá yín sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, ẹ̀yin ló máa bẹ àwọn yòókù láìdárúkọ rẹ̀.

Kí àtẹ̀jíṣẹ́ tó jáde, ẹ bá ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Ẹ má béèrè nínú gúrúùpù WhatsApp, torí bí ọ̀gá bá béèrè pé "ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?" lójú gbogbo èèyàn, "bẹ́ẹ̀ ni sà" ló máa rọ̀jò, kò sì ní túmọ̀ sí nǹkan kan. Ẹ bi wọ́n ní mẹ́ta: Ṣé fóònù ni àbí kọ̀mpútà lẹ fi ń wọlé? Ṣé ẹ ní íápíìsì tó ní máìkì? Owó ta ni dátà tí ẹ ń lò? Bí ìdáhùn kẹta bá jẹ́ "owó tèmi," tí ilé iṣẹ́ kò sì ní san án, ẹ má béèrè ju ìṣẹ́jú méjì ọjọ́ Ajé yẹn lọ. Bí ìkejì bá jẹ́ "rárá," ẹ wá íápíìsì oníwáyà fún wọn. Kò wọ́n, kò nílò bátìrì, kò sì ní bọ́tìnì ìdàrú púpọ̀.

Ẹ̀gbọ́n yín ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ pè é lórí fóònù ni, ẹ má kọ̀wé sí i. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí máìkì rẹ̀. Ẹ lè sọ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ká tún ìpàdé àárọ̀ wa tò, mo sì wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ yín. Mo fẹ́ kí ẹ máa bá wa ṣíde, kí ẹ máa kí ilé fún wa. Lẹ́yìn náà a ó jọ pa máìkì. Ẹ jẹ́ ká jọ dán an wò lórí fóònù yín, kí ọjọ́ Ajé tó dé." Kí ẹ wá jọ wọ Zoom, ẹ̀yin méjì péré, kí ẹ fi ibi tí bọ́tìnì ń fara pamọ́ sí hàn án. Kó ṣí máìkì, kó pa á, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn, àtẹ̀jíṣẹ́ náà lè lọ báyìí:

> Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ àná.
>
> Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá ẹnì kọ̀ọ̀kan yín sọ̀rọ̀ lórí ìpàdé àárọ̀ wa. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ bó ṣe rí lọ́kàn yín. Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. A ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà a ó jọ tún un wò.
>
> Aago 9:30 àárọ̀, aago Nàìjíríà, la máa bẹ̀rẹ̀. Aago 9:45 la máa parí.
>
> Ìkíni: 9:30 sí 9:32. Ẹ̀gbọ́n wa ló máa ṣíde, wọ́n á dárúkọ wa níkọ̀ọ̀kan, a ó sì dáhùn. Ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìkíni yín síbi ọ̀rọ̀ kíkọ. Ó ti tó, a ti kí ara wa.
>
> Máìkì: láti 9:32, máìkì gbogbo wa máa wà ní pípa, tèmi náà. Ẹ ṣí i nígbà tó bá kàn yín. Bí ẹ bá parí, ẹ sọ pé "ó tán lọ́wọ́ mi," ẹ dárúkọ ẹni tó kàn, kí ẹ sì pa á. Ètò wa wà lókè gúrúùpù, kò ní máa yí padà. Ìbéèrè tó bá gùn, ẹ jẹ́ kó di lẹ́yìn ìpàdé.
>
> Bí ariwo bá ń wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan, màá bá a pa máìkì rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, màá sì kọ̀wé sí i níkọ̀kọ̀. Kì í ṣe ìbáwí. Ẹ bá mi ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ tèmi. Mo ti fún ẹnì kan lágbára láti ṣe é.
>
> Kámẹ́rà: ọjọ́ Ajé nìkan, àkókò ìkíni nìkan. Aago 9:32, gbogbo wa á jọ pa á. Ẹni tí kò bá fẹ́ tan án kò ní tan án, kò sì ní ṣàlàyé. Ẹni tó bá nílò láti rí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, a ó ṣètò rẹ̀.
>
> A ò ní ya àwòrán ojú ìpàdé, a ò sì ní gbà á sílẹ̀, àfi bí gbogbo wa bá gbà ṣáájú.
>
> Bí iná bá lọ tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kọ̀, ẹ fi gbólóhùn mẹ́ta ránṣẹ́ sí gúrúùpù kó tó di aago 10: ohun tí ẹ ṣe lánàá, ohun tí ẹ fẹ́ ṣe lónìí, ohun tó ń dí yín lọ́wọ́. Ó dọ́gba pẹ̀lú wíwá.

Ẹ kíyè sí i pé mo kọ "aago Nàìjíríà." Nígbà òtútù, 9:30 ti Ìbàdàn jẹ́ 8:30 ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago méjèèjì dọ́gba. Àwọn ará ibẹ̀ ló ń yí aago wọn padà ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta àti oṣù kẹwàá, kì í ṣe àwa. Ẹ bi ẹni yín tó wà níbẹ̀ bóyá 8:30 kò bọ́ sí àkókò tó ń mú ọmọ lọ síléèwé. Ó lè jẹ́ ìdí tí kámẹ́rà rẹ̀ kì í fi í tàn láti oṣù kọkànlá.

Lílo òfin náà ló le ju kíkọ ọ́. Ní ọjọ́ tí ariwo bá wọlé, ẹ má pariwo pé "ta ni máìkì rẹ̀ ṣí o?" Orúkọ onítọ̀hún ti wà lójú ìwòye, gbogbo ilé á yíjú sí i. Ẹ pa máìkì náà, kí ẹ kọ ọ́ sí òun nìkan: "Ẹ̀gbọ́n, mo bá yín pa máìkì, ariwo títì ló ń wọlé. Bó bá kàn yín, ẹ tẹ Unmute." Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ bá sí. Bí ó bá ṣì wà lórí `Everyone`, ohun tí ẹ fẹ́ fi bo àṣírí ló máa tú u. Ẹ yan ẹnì kan nínú yín ṣe igbákejì alákòóso, kó lè máa pa máìkì nígbà tí ẹ̀yin bá ń sọ̀rọ̀, torí ẹ ò lè máa jábọ̀ kí ẹ tún máa wá ariwo.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rú òfin, tí ẹ tan kámẹ́rà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun torí pé ẹ wọ aṣọ tuntun, ẹ mọ̀ pé gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ yín á tan tiwọn lọ́jọ́ Rú. Ẹnu ò ní sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá bá ṣe ni wọ́n ń kà sí òfin, kì í ṣe ohun tó kọ.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, kí igbákejì yín máa sàmì sórí ìwé kan: iye ìgbà tí wọ́n sọ pé "máìkì yín ti pa o," iye ìgbà tí wọ́n bá ẹnì kan pa máìkì, àti aago tí ìpàdé parí. Bí "máìkì yín ti pa" bá ń pọ̀ sí i, ètò ẹni tó kàn ni kò tíì mọ́ra. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń bá pa máìkì lójoojúmọ́, ẹ̀rọ rẹ̀ tàbí ibi tó ń jókòó sí ni kí ẹ lọ wò pẹ̀lú rẹ̀. Bí ìpàdé bá sì ń kọjá 9:45 nígbà tí ariwo ti dákẹ́, àbọ̀ iṣẹ́ yín ló gùn jù, òfin máìkì kò sì lè tún ìyẹn ṣe fún yín.